Aláboyún tí kò rí oorun sùn: kí ni mo lè máa mu lálẹ́ dípò Lípítọ́nù?

Aránṣọ_Alékúwodò

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oyún mi ti wọ oṣù keje, èkejì mi rèé. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni oorun ò ti kùn mí mọ́ lóru, mà á sùn sílẹ̀ ojú mi á là kedere, àyà mi á máa lù kìkì, ọmọ inú mi náà á máa ta bí ẹni pé ọ̀sán ni. Tíì Lípítọ́nù ni mo máa ń fi jẹ búrẹ́dì lálẹ́ bí aago mẹ́jọ, láti ilé àwọn òbí mi ni mo ti ń mu ún, kò sì dí mi lóorun rí. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa mu sobo gbígbóná. Ará ilé wa kan ní kí n máa mu gíríìn tíì torí pé ewé ni. Mi ò mọ èyí tí mà á gbọ́ nínú wọn. Nǹkan tó gbóná ni mo fẹ́, tí mo lè fi jẹ búrẹ́dì, tí kò ní pa ọmọ lára, tí mo sì lè rí rà l'Ọ́jà Ìgbọ̀nà tàbí Oríṣun, kó má jẹ́ nǹkan tí wọ́n máa ní kí n ránṣẹ́ sí Èkó kí n tó rí. Ẹ ṣeun o.

Àrẹ̀mú_ÒkèBáálẹ̀

Ẹ kú ìnira o, Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀. Kò yẹ kí ẹ pa Lípítọ́nù tì rárá. Ẹ fi àpò tíì yẹn sínú omi gbígbóná fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù, ẹ wá da omi gbígbóná míì lé e. Kaféènì inú ẹ̀ á ti bá omi àkọ́kọ́ lọ, adùn ẹ̀ nìkan ló máa kù. Báyìí ni ìyàwó mi ṣe ń mu ún nígbà tó wà nínú oyún àkọ́bí wa, ó sì ń sùn dáadáa.

Ìyá_Ìbejì_Ìgbọ̀nà

Ará ilé yín ò parọ́ o, gíríìn tíì lèmi náà mu nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì. Ewé lásán ni, wọn ò sọ ọ́ di dúdú bíi ti Lípítọ́nù, kò sí kaféènì nínú ẹ̀. Sobo náà dáa, ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ṣé ẹ ò rí bó ṣe pupa ni. Ẹ kàn má fi ṣúgà púpọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèFìà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò aláboyún ni mò ń ṣe, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bi wá ní irú ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì, ẹ máà bínú, igi kan náà ni wọ́n ti ń já ewé gíríìn tíì àti ti Lípítọ́nù. Bí wọ́n ṣe ń sá ewé yẹn ló yàtọ̀, kaféènì wà nínú méjèèjì, kọ́ọ̀bù gíríìn tíì tó le dáadáa lè sún mọ́ ti Lípítọ́nù. Ẹni tó bá torí oorun sá fún Lípítọ́nù wá lọ sọ́dọ̀ gíríìn tíì kò tíì kúrò níbi tó wà. Ní ti sobo, òótọ́ ni pé kò ní kaféènì, ṣùgbọ́n àwọ̀ òdòdó ìṣápá ni pupa yẹn, kì í sọ di ẹ̀jẹ̀ nínú ara ẹnikẹ́ni. Àwa kì í sọ fún aláboyún pé kó máa mu ún, torí ó máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kò léwu fún oyún. Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá bímọ tán.

Àrẹ̀mú, ọ̀nà tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà á gbọ́. Kaféènì ò kì í yára jáde tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú ò lè fà ju díẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nínú àpò, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ̀pọ̀ ẹ̀ tó jáde. Tẹ́ ẹ bá wá fi í sínú omi àkọ́kọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, adùn ẹ̀ náà á ti bá a lọ, kí ni ẹ fẹ́ mu? Ohun tó lè dín kaféènì kù ni kí àpò náà má pẹ́ nínú omi tẹ́ ẹ máa mu, kẹ́ ẹ má sì sè é lórí iná bí àwọn kan ṣe ń ṣe.

Aránṣọ, kí n tó sọ ohun tí ẹ lè mu, mo fẹ́ mọ gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu yín láti àárọ̀ dalẹ́. Tíì mélòó lójúmọ́? Kọfí ńkọ́? Kóòkì? Obì? Ẹ tún sọ oògùn tẹ́ ẹ ń lò, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà fúnra yín.

Aránṣọ_Alékúwodò

Ẹ ṣé mà. Láàárọ̀ kí n tó lọ ṣọ́ọ̀bù, kọ́ọ̀bù ńlá tíì kan. Lọ́sàn-án mo máa ń po kọfí, Nẹ́sìkafẹ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì, torí iṣẹ́ aṣọ ẹbí pọ̀ lọ́rùn mi, ojú mi gbọ́dọ̀ là. Lálẹ́ tíì àti búrẹ́dì. Mi ò kì í mu kóòkì, mi ò sì jẹ obì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún wa níbi tí mo ti forúkọ sílẹ̀ ni mò ń lò, alẹ́ ni mo máa ń lò ó kí n má bàa gbàgbé, mo kúkú máa ń fi tíì yẹn gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbìyànjú kí n fi tíì àti kọfí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi burúkú, mo tún padà sídìí ẹ̀. Orí yẹn ò tíì lọ tán, Panadọ́ọ̀lù Ẹ́kísítírà méjì ni mò ń lò lálẹ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèFìà

Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀.

Ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni mà á lò: kọ́ọ̀bù ńlá tíì kan, miligíráàmù kaféènì 75, kọ́ọ̀bù ńlá kọfí onílẹ́bú, 100. Ó lè dín, ó lè lé, bí ẹ bá ṣe pò ó sí. Tíì àárọ̀ 75, kọfí 100, tíì alẹ́ 75, ó ti di 250. Panadọ́ọ̀lù Ẹ́kísítírà yẹn, kaféènì ni Ẹ́kísítírà tí wọ́n fi kún un, 65 ló wà nínú hóró kan. Ẹ̀ ń lo méjì, 130 nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 380 lójúmọ́.

Lọ́dọ̀ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn dókítà aláboyún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 200 ni wọ́n ní kí aláboyún má kọjá lójúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún tó bá ń mu ju 300 lọ dín in kù, torí wọ́n rí i pé ó lè jẹ́ kí oyún bàjẹ́ tàbí kí ọmọ kéré ní ìwọ̀n. Ẹ ti kọjá méjèèjì, ká tiẹ̀ má tíì sọ ti oorun.

Ẹ wá wo ìdí tí tíì tí kò dí yín lóorun rí fi ń dí yín báyìí. Ẹni tí kò lóyún, tó bá mu kaféènì, láàárín bíi wákàtí 5 ìdajì ẹ̀ ti kúrò lára ẹ̀. Oyún máa ń jẹ́ kí ara lọ́ra láti lé e jáde, tó bá ti wọ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó lè tó wákàtí 15 kí ìdajì tó lọ. Tíì tẹ́ ẹ mu ní aago 8 alẹ́, ìdajì ẹ̀ lè ṣì wà lára yín ní aago 11 àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ sì ti mu òmíì lé e lórí. Ara yín kì í ráyè fọ̀ ọ́ jáde tán. Ó tún máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ inú ò sì ní agbára tó fi ń lé e jáde bíi tàgbà.

Ẹ má tún fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí tó fọ́ yín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ń wá kaféènì tó ti mọ́ ọn lára, ẹ wá lọ gbé oògùn tó ní kaféènì lé e, ó rọlẹ̀, ẹ rò pé oògùn ló wo orí. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé: láti alẹ́ òní, kò sí Ẹ́kísítírà mọ́, kò sì sí tíì alẹ́. Ìyẹn nìkan á mú 380 wálẹ̀ sí 175, ẹ ti wà lábẹ́ 200. Ẹ jẹ́ kí tíì àárọ̀ àti kọfí ọ̀sán wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ wá máa dín kọfí kù, ẹ da ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà díẹ̀ sí i, títí ó fi máa tán. Tíì àárọ̀ nìkan lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi máa bímọ, kò burú.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ: orí fífọ́ nínú oyún oṣù méje, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ yín wò. Tó bá jẹ́ pé ojú yín ń ṣe bàìbàì, tàbí ojú àti ọwọ́ yín ń wú, tàbí inú ń dùn yín lápá òkè lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ yìí.

Oníkẹ́míìsì_ÒgoOlúwa

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀rọ̀ Ẹ́kísítírà, mo kàn fẹ́ fi kún un pé àwọn oògùn orí fífọ́ àti ti ọ̀fìnkìn míì wà tó ní kaféènì nínú, tí wọn ò kọ Ẹ́kísítírà sí lára. Ẹ yí páálí ẹ̀ padà, ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Parasítámọ́ọ̀lù lásán ni ẹ bèèrè lọ́dọ̀ wa, kí ẹ sì sọ fún oníkẹ́míìsì pé ẹ lóyún, torí nígbà míì aṣọ á bo inú, ẹni tó ń tà á ò ní mọ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé ẹ̀ ń fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì. Ìyẹn burú ju kaféènì lọ, lójú tèmi. Ohun tó ń jẹ́ kí tíì korò díẹ̀ lẹ́nu, tó ń fún ahọ́n pọ̀, òun náà ló ń di irin inú oògùn yẹn mú nínú ikùn, tí kò ní jẹ́ kó wọ ara, ẹ̀gbin ló máa bá jáde. Mo ti rí àwọn aláboyún tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ láìfo ọjọ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gòkè, tá a bá wá bi wọ́n, tíì ni wọ́n fi ń lò ó. Omi lásán ni kí ẹ fi lò ó, tàbí omi ọsàn tẹ́ ẹ fún fúnra yín, ọsàn máa ń ràn án lọ́wọ́. Kí ó tó wákàtí kan ó kéré tán láàárín òun àti tíì, kí wákàtí méjì wà níbẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Míìkì náà máa ń dí i lọ́wọ́ díẹ̀, torí náà ẹ má fi Mílò olómi míìkì gbé e mì pẹ̀lú.

Bàbá_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi kì í ṣe aláboyún, mo sì ti dàgbà, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lálẹ́ bákan náà. Tíì kọ́ o, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, ẹ̀kọ ni mò ń mu. Obì ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ máa ń jẹ lálẹ́ tá a bá jókòó síwájú ilé. Ṣé àgbà ló dé ni?

Oníkẹ́míìsì_ÒgoOlúwa

Ẹ kú alẹ́ bàbá. Obì ni sà. Kaféènì wà nínú obì dáadáa, torí ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà òkèèrè lóru ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ tàbí kí oòrùn má tíì kúrò lórí, kẹ́ ẹ wo bóyá oorun á padà wá. Kaféènì téèyàn mu ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú kó tó sùn ṣì lè gba oorun lójú ẹ̀.

Bàbá tiẹ̀ rán mi létí nǹkan. Àwọn aláboyún tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ obì kí ìrìndọ̀ lè dáwọ́ dúró. Wọn ò kì í kà á mọ́ kaféènì rárá, torí pé wọn kò mu nǹkan kan.

Ìyá_Elẹ́wé_ỌjàỌba

Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Ẹ̀ ń pariwo Lípítọ́nù, ẹ̀ ń pariwo gíríìn tíì, koríko ọba wà lẹ́yìn ilé yín. Ewé tíì tí àwọn ìyá wa ń sè nìyẹn, kò ní kaféènì kankan, òórùn ẹ̀ dùn, ó bá búrẹ́dì mu. Ẹ gé ewé tútù bí ìka mẹ́rin, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ká a pọ̀, ẹ sè é pẹ̀lú omi kọ́ọ̀bù méjì fún ìgbà díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi míìkì díẹ̀ sí i, ẹ mu ún. Tí inú bá ń kùn yín, ẹ ju efinrin díẹ̀ sí i. Ìyá mi mu ún nígbà tó lóyún wa, èmi náà mu ún lórí gbogbo ọmọ mi. Mo tún ní àgbo oorun lọ́jà, ẹni tó bá fẹ́ kó wá.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèFìà

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́. Koríko ọba ò ní kaféènì lóòótọ́, ẹni tí kò lóyún tó fẹ́ nǹkan gbígbóná lálẹ́, bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun náà nìyẹn, mà á ní kó máa mu ún láìjanpata. Ti aláboyún ló ń kọ mí lóminú. Ìwádìí lórí ẹ̀ nínú oyún kéré, àwọn tó sì kọ̀wé nípa ẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí aláboyún má mu ún púpọ̀. Kọ́ọ̀bù kan tí kò le lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní pariwo. Kíkún ìkòkò lálaalẹ́, mi ò fara mọ́ ọn. Efinrin náà, nínú ọbẹ̀ ni kó mọ. Àgbo oorun ní tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tà á fún aláboyún, a kì í mọ iye ewé àti egbò tó wà nínú ẹ̀.

Ìyá_Elẹ́wé_ỌjàỌba

Àgbo, mo gbọ́, mi ò ní fún aláboyún. Koríko ọba ní tiẹ̀, èmi ò gbà. Ohun tá a ti ń mu látayébáyé, tí aláboyún ń mu tí wọ́n ń bímọ ní àlàáfíà, kò yẹ kí ẹ̀rù ẹ̀ máa bà wá torí pé àwọn kan kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mọ́mì_TẹsitíìnGíráńdì

Ẹ ò tíì sọ ti Mílò àti Bọ́nfítà. Èmi kò fi nǹkan míì rọ́pò kọfí ju Mílò lọ nígbà tí mo lóyún. Kókò wà nínú ẹ̀, kókò sì ní kaféènì, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an sí ti tíì, kò tó nǹkan nínú kọ́ọ̀bù kan. Ìṣòro tèmi ò wá látinú kaféènì. Ṣíbí ńlá mẹ́ta Mílò, míìkì olómi dídùn, ṣúgà hóró mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì, lálaalẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò, ṣúgà ti gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo ní ìtọ̀ ṣúgà inú oyún. Wọ́n ní kí n má fi ṣúgà sí nǹkan mímu mi mọ́ torí Mílò fúnra ẹ̀ ti ní ṣúgà nínú. Ẹ fi ṣíbí kan tí kò kún mu ún, ẹ lo míìkì tí kò ní ṣúgà, kí ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.

Àrẹ̀mú_ÒkèBáálẹ̀

Mo ti gbọ́ ti ìdajì ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ṣeun Nọ́ọ̀sì. Tíì tí wọ́n ti yọ kaféènì inú ẹ̀ kúrò láti ilé iṣẹ́ wá ńkọ́? Mo rí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan lọ́nà Gbọ̀ngán, ó wọ́n díẹ̀. Ṣé ó yàtọ̀ lóòótọ́?

Oníkẹ́míìsì_ÒgoOlúwa

Ó yàtọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ pé wọ́n ti yọ kaféènì kúrò nínú ẹ̀, díẹ̀ ṣì máa ń kù, nínú kọ́ọ̀bù tíì kì í sábà ju bíi miligíráàmù 5 lọ, ìyẹn ò lè dí ọ̀pọ̀ èèyàn lóorun. Ó dára fún ẹni tí adùn Lípítọ́nù gan-an ló ń wá. Àmọ́ ohun tó ń di irin mú yẹn kò kúrò nínú ẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ò yí padà. Òmíì wà tó ń jẹ́ rọ́íbọ́ọ̀sì, igi kan ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i, òun kò ní kaféènì látilẹ̀ wá, ó pupa bíi Lípítọ́nù, ó sì gba míìkì. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé tàbí pé ó ń fọ inú. Ewé tó ń mú kéèyàn yàgbẹ́ gbuuru ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kaféènì náà sì lè wà níbẹ̀. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹlẹ́kọ_ÒkèOníti

Aránṣọ, ohun tí ẹ̀ ń wá ò jìnnà sí yín. Ẹ̀kọ mímu. Kò ní kaféènì, ó gbóná, ó ń kún inú, owó ẹ̀ ò sì tó ti Mílò. Mò ń tà á, mo sì mọ ìdí tí àwọn aláboyún ò fi ń gbádùn ẹ̀: wọn kì í pààrọ̀ omi ògì. Ògì tó bá ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ò pààrọ̀ omi orí ẹ̀ máa kan, kíkan yẹn á wá máa ru sókè lọ́fun yín tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀. Ẹ máa da omi orí ẹ̀ nù ní gbogbo àárọ̀, ẹ rọ omi tútù míì lé e. Tó bá di alẹ́, ẹ bu ògì bíi ṣíbí ọbẹ̀ méjì sínú kọ́ọ̀bù ńlá, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó yọ́ dáadáa, kó má ní kókó kankan. Ẹ jẹ́ kí omi hó kutukutu lórí iná, kì í ṣe omi inú fíláàsì tó ti pẹ́, torí omi tí kò hó ò ní dì í, ẹ̀kọ á ṣàn bí omi aró. Ẹ máa da omi híhó yẹn lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, ìgbà tí àwọ̀ ẹ̀ bá yí padà tó ń dán, ó ti jinná nìyẹn. Kó fúyẹ́ bíi èyí tẹ́ ẹ lè fi ẹnu fà. Ògì bàbà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi míìkì sí i tàbí wàrà sóyà. Tí ìrìndọ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ rin atalẹ̀ tútù sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ìgbọ̀nà

Atalẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní ó ń ṣẹ́ oyún?

Nọ́ọ̀sì_ÒkèFìà

Rárá mà, atalẹ̀ tí ó mọ níwọ̀n wà lára ohun tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún ìrìndọ̀ aláboyún, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Nínú àwọn ìwádìí yẹn, nǹkan bíi gíráàmù kan atalẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Tó bá jẹ́ tútù lẹ rin, ṣíbí tíì kan nínú omi gbígbóná tó, kò yẹ kó kún ọwọ́. Ẹni tí àyà ń ta lálẹ́, atalẹ̀ lè mú un le sí i, ẹ yẹ ara yín wò. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí aago 8 alẹ́ yẹn padà sí aago 7. Kọ́ọ̀bù ńlá ohunkóhun kéèyàn tó sùn, kódà kó má ní kaféènì, á jí aláboyún dìde láti lọ tọ̀ lóru.

Aránṣọ_Alékúwodò

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti lọ. Ìfúnpá mi dáa, ìtọ̀ mi dáa, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Mo ti gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọ̀sán, ọsàn ni mò ń fi lò ó. Ẹ́kísítírà ti kúrò nílé wa. Ẹ̀kọ bàbà ni mo ń mu lálẹ́ báyìí, kò bá búrẹ́dì mu tó Lípítọ́nù, àkàrà ni mo fi ń jẹ ẹ́, mà á fi Mílò ṣíbí kan jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ tó bá wù mí. Mo ti ń sùn díẹ̀, mi ò tíì lè sọ pé ó dáa tán, orí ṣì ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án láti ìgbà tí mo ti ń dá kọfí sí ìdajì. Ọ̀rọ̀ koríko ọba, Ìyá Elẹ́wé àti Nọ́ọ̀sì ni mo wà láàárín wọn, mi ò tíì fẹnu kàn án. Ìbéèrè kan ló kù: tí mo bá bímọ tán, ṣé mo lè padà sídìí kọfí mi? Iṣẹ́ ọdún á ti dé nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèFìà

Mo dúpẹ́ pé ẹ lọ. Tí orí yẹn ò bá lọ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ní ti kọfí, ara yín á padà máa lé kaféènì jáde bó ṣe ń lé e tẹ́lẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ ni kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń bá ọmú lọ, kaféènì tó bá sì wọ ara ọmọ tuntun máa ń lò tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò. Bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù ni agbára ẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Kọ́ọ̀bù kan láàárọ̀, kété lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún un lọ́mú tán, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọmọ ń ké, tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, tí kì í sùn pẹ́, ẹ dá kọfí dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ wò ó.